Nọ́ńbà Mẹ́rin Tó Ń Tú Àṣírí Háàdì Tó Fẹ́ Kú

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá nígbà tí wọ́n bá ń yẹ háàdì díìsìkì kọ̀ǹpútà wò: `PASSED`. Bí wọ́n bá ti rí i, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á pa ojú ìwé náà dé, wọ́n á bá iṣẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ojú ìwé kan náà, ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà 24 ti jókòó sí iwájú ìlà tó ń jẹ́ `Current_Pending_Sector`. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé ibi 24 wà lórí díìsìkì náà tí ẹ̀rọ gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Ọ̀rọ̀ òkè ní kò séwu. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ní kí ẹni tó ni fáìlì tètè wá ibòmíràn kó o sí. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ìbéèrè tí kálukú ń dáhùn ni kò dọ́gba.

Háàdì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni èyí tó ní àwo tó ń yí nínú, tí orí kékeré kan ń fò lókè àwo náà tó ń kà, tó sì ń kọ. Èyí tí kò ní ohun tó ń yí, tí wọ́n ń pè ní SSD, ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú háàdì alátẹ̀wọ́gbà yìí ni kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tó ń darí rẹ̀, òun náà ló sì ń ṣe akọ̀wé: ó ń kọ iye wákàtí tí háàdì ti lò lórí iná, iye ìgbà tí wọ́n ti tàn án, bó ṣe gbóná tó, àti gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ lára àwo. Àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní SMART.

IBM ló kọ́kọ́ gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1992 fún háàdì inú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀. Compaq náà ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe háàdì fún un, ìyẹn Seagate, Quantum àti Conner, ó sì gbé e síwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìlànà ní 1995 kí gbogbo ilé-iṣẹ́ lè máa lò ó. Wọ́n fẹnu kò lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa béèrè àkọsílẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n iye tó yẹ kó dẹ́rù bani, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi í sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ `PASSED` ti wá, ibẹ̀ náà sì ni àìtó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ náà ní máàkì kan, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 100 tàbí 200, tó sì ń lọ sílẹ̀ bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́. Orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ni `VALUE`. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni `WORST` wà, ìyẹn máàkì tó rẹlẹ̀ jù tí ìlà náà ti gbà rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni `THRESH`, ààlà tí ilé-iṣẹ́ fà sílẹ̀. Háàdì kò ní yí `PASSED` padà àyàfi tí máàkì ọ̀kan nínú àwọn ìlà pàtàkì bá já dé ààlà yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe háàdì kò sì fẹ́ kí oníbàárà máa dá èyí tó ṣì lè ṣiṣẹ́ padà fún un lábẹ́ ẹ̀rí ìdánilójú, nítorí náà ó fa ààlà náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Háàdì lè ti bàjẹ́ gan-an kó tó kàn án.

Òpó kẹrin ló lọ́rọ̀ sọ. `RAW_VALUE` ni wọ́n ń pè é, òun ni iye gan-an tí akọ̀wé náà kà, láìfi máàkì kankan bò ó. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá háàdì òun ti ń kú lọ, ibẹ̀ ni kó gbé ojú lé.

Ọ̀nà méjì tó wọ́pọ̀ ni wọ́n fi ń rí i. Lórí Windows, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń lo CrystalDiskInfo, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ mọ ohun kan: bí wọ́n ṣe ń fi sórí kọ̀ǹpútà, ìṣirò onídì 16 tí àwọn ẹlẹ́rọ ń lò ló fi ń kọ `RAW_VALUE`, kì í ṣe ìṣirò onídì 10 tí gbogbo ayé mọ̀. Ìdí nìyẹn tí 24 fi máa hàn níbẹ̀ bíi `000000000018`, tí èèyàn á sì máa kà á sí 18. Láti yí i padà, inú `Function` ni èèyàn á lọ, á tẹ `Advanced Feature`, lẹ́yìn náà `Raw Values`, á wá yan `10 [DEC]`. Ọ̀nà kejì ni `smartctl`, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, lórí Windows àti lórí kọ̀ǹpútà Apple:

```
smartctl -a /dev/sda
```

Bí háàdì náà bá wà nínú páálí ìta tó ń lo wáyà USB, `smartctl` lè sọ pé òun kò rí àkọsílẹ̀ kankan. Fífi `-d sat` kún àṣẹ náà sábà máa ń yanjú rẹ̀, àmọ́ àwọn páálí kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ háàdì kọjá sóde rárá. Irú èyí, àfi kí wọ́n yọ háàdì náà jáde kí wọ́n tó lè kà á.

Ìlà tó máa jáde lè ju 20 lọ. Mẹ́rin péré ló yẹ kí ẹni tó ń wá àmì ikú kọ́kọ́ wò: 197, 5, 198 àti 187. Ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ látẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tó sì máa jẹ́ kó yé èèyàn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí àwo.

Wọ́n pín ojú àwo sí ẹ̀là wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní sẹ́kítọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ háàdì òde òní, báìtì 4,096 ni sẹ́kítọ̀ kan lè gbà. Èyí tí fọ́tò kan ṣoṣo ń gbà máa ń ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá béèrè ohun tó wà nínú sẹ́kítọ̀ kan, orí á kà á, á sì fi nọ́ńbà àyẹ̀wò tí wọ́n kọ mọ́ ọn dán an wò bóyá ó pé. Àṣìṣe kékeré kì í ṣe ìròyìn, torí nọ́ńbà àyẹ̀wò náà ni wọ́n fi ń tún un ṣe láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àṣìṣe tó bá ju ìyẹn lọ ni háàdì á tún padà kà, á tún kà, á tún kà. Irú àkókò yìí ni kọ̀ǹpútà máa ń dúró gbagidi lórí fáìlì kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn fáìlì yòókù ń ṣí wéré.

Bó bá kà á títí tí kò rí i kà, á sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun kò rí i, á sì kọ sẹ́kítọ̀ náà sínú àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí. Iye wọn ni 197, `Current_Pending_Sector`. Háàdì kò ní tíì pààrọ̀ sẹ́kítọ̀ náà, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù láyé. Ó ń dúró de ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà máa kọ nǹkan tuntun sí ojú ibẹ̀. Lọ́jọ́ náà, á kọ ọ́, á sì yẹ ibẹ̀ wò. Bí ibẹ̀ bá gbà á dáadáa, ẹjọ́ ti tán, 197 á dín kù, kò sì ní sí ohun tó tún ṣẹlẹ̀. Bí ibẹ̀ bá kọ̀, háàdì á pa sẹ́kítọ̀ náà tì títí láé, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Níbo ló ti máa rí òmíràn? Ẹni tó ń ṣe ìnáwó máa ń kó àga wá ju iye àlejò tó pè lọ, bí ẹsẹ̀ ọ̀kan bá kán, wọ́n á gbé òmíràn wá, àlejò á jókòó. Ilé-iṣẹ́ náà máa ń fi sẹ́kítọ̀ pamọ́ sí apá kan àwo tí kọ̀ǹpútà kò lè dé. Iye èyí tí wọ́n ti fi rọ́pò ni ìlà 5, `Reallocated_Sector_Ct`. Nọ́ńbà yìí kì í dín kù.

Ìlà 198, `Offline_Uncorrectable`, ni iye sẹ́kítọ̀ tí háàdì kò rí kà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń yẹ ojú àwo wò láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a níṣẹ́. Ó sábà máa ń bá 197 rìn. Ìlà 187, `Reported_Uncorrect`, ni iye ìgbà tó ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé ohun tí wọ́n béèrè kò ṣeé kà mọ́. Seagate máa ń fi 187 hàn. Western Digital kì í sábà gbé e jáde. Ohun tó mú kí 187 níye lórí ni pé 197 lè padà sí òdo nígbà tí wọ́n bá kọ nǹkan bo ibi tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n 187 kì í gbàgbé.

Kí ló ń ba sẹ́kítọ̀ jẹ́? Ìdáhùn yìí ló ń fi ìyàtọ̀ sáàárín nọ́ńbà tó dúró àti nọ́ńbà tó ń lọ sókè. Iná tó lọ lójijì nígbà tí orí ń kọ nǹkan lọ́wọ́ lè mú kí sẹ́kítọ̀ kan wà ní ìdajì tuntun, ìdajì àtijọ́, tí nọ́ńbà àyẹ̀wò rẹ̀ kò ní bá a mu mọ́. Kò sí ohun tó ṣe àwo níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ nǹkan mìíràn sí i, 197 á padà sí òdo, 5 kò sì ní mira. Ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ bó bá jẹ́ pé orí fara kan àwo nítorí pé wọ́n gbá kọ̀ǹpútà tàbí pé ó já bọ́. Èérún tó bá bó lára àwo kò ní jáde nínú háàdì, torí ó dé pinpin. Á máa kiri lórí àwo tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, á sì máa ha ibòmíràn. Orí tó ti ń rẹ̀ náà lè máa kọsẹ̀ níbi gbogbo. Nínú ọ̀ràn méjèèjì yìí, ohun tó fa ìbàjẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, nọ́ńbà á sì máa ga sí i.

Fún ìdí yìí, nọ́ńbà tí èèyàn kà lẹ́ẹ̀kan kò tó. Méjì tí ọjọ́ wà láàárín wọn ló ń dájọ́.

Àwọn tó ní háàdì rẹpẹtẹ ti fi iṣẹ́ wọn dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 2007, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Google, Pinheiro, Weber àti Barroso, gbé ìwádìí jáde lórí háàdì tó ju 100,000 lọ nínú ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n rí i pé háàdì tí àyẹ̀wò ojú àwo bá ti rí àṣìṣe àkọ́kọ́ lára rẹ̀, ewu pé ó máa kú láàárín 60 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìlọ́po 39 ti èyí tí kò ní. Fún sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò, ìlọ́po náà jẹ́ 14. Wọ́n tún rí ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ooru kò fi bẹ́ẹ̀ pa háàdì bí wọ́n ṣe rò tẹ́lẹ̀.

Backblaze, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì, ti ń gbé iye háàdì tó ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé láti 2013. Ìlà mẹ́rin tí a kà yìí ni wọ́n ń ṣọ́, pẹ̀lú ọ̀kan mìíràn tó ń jẹ́ 188. Ní 2016, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 háàdì tó kú, nǹkan bí 77 ló ti ní nọ́ńbà tó ju òdo lọ nínú ọ̀kan ó kéré tán lára ìlà márùn-ún náà. Nínú 100 tó ṣì ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí 4 péré ló ní in. Àwọn 4 yìí náà ní ẹ̀kọ́ tiwọn: àmì kan ṣoṣo kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Síbẹ̀, fún ìlà 187, Backblaze kò dúró jiyàn. Bó bá ti kúrò ní òdo, wọ́n á kọ orúkọ háàdì náà sára àwọn tí wọ́n máa pààrọ̀.

Àwọn nọ́ńbà kan wà tó máa ń já èèyàn láyà lásán. Ẹni tó bá wo háàdì Seagate fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rí nọ́ńbà bíi 182,354,611 níwájú `Raw_Read_Error_Rate` tàbí `Seek_Error_Rate`, kó sì rò pé àṣìṣe ẹgbàágbèje ló ti ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni Seagate ń kó sínú nọ́ńbà kan ṣoṣo níbẹ̀. Nínú `Seek_Error_Rate`, apá ìsàlẹ̀ nọ́ńbà ń ka iye ìgbà tí orí ti ṣí kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, apá òkè ló ń ka àṣìṣe. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kò bá tíì ju 4,294,967,295 lọ, apá òkè ṣì jẹ́ òdo. Ohun tí èèyàn ń rí ni iṣẹ́ tí háàdì ti ṣe, kì í ṣe àìsàn rẹ̀.

Ìlà 199, `UDMA_CRC_Error_Count`, náà máa ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀. Kò kan àwo rárá. Iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà láàárín háàdì àti kọ̀ǹpútà ló ń kà, wáyà tó tú díẹ̀ tàbí tó ti gbó ló sì sábà máa ń fà á. Pààrọ̀ wáyà, kọ nọ́ńbà ọjọ́ yẹn sílẹ̀, kí o sì wò ó bóyá ó tún lọ sókè. Bó bá dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà náà kò ní padà sí òdo láé.

Ẹ jẹ́ ká fi onífọ́tò kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Háàdì Seagate tó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ ń gba téràbáìtì 1. Fọ́tò ìgbéyàwó tí kò tíì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníyàwó wà lórí rẹ̀, ẹ̀dà kan ṣoṣo sì ni. Láti ọ̀sẹ̀ kan, fódà kan ti ń pẹ́ kó tó ṣí. Ó wo àkọsílẹ̀, òkè rẹ̀ sọ pé `PASSED`. Àwọn ìlà tó ṣe pàtàkì rí báyìí. Òpó nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níbẹ̀ ni `VALUE`, `WORST`, `THRESH` àti `RAW_VALUE`:

```
  5 Reallocated_Sector_Ct   100 100 010  0
  9 Power_On_Hours          079 079 000  18622
187 Reported_Uncorrect      097 097 000  3
197 Current_Pending_Sector  100 100 000  24
198 Offline_Uncorrectable   100 100 000  24
199 UDMA_CRC_Error_Count    200 200 000  0
```

Ìlà 9 sọ pé háàdì ti lo wákàtí 18,622 lórí iná. Bí a bá pín in sí 24, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 776 láìsinmi, ìyẹn ọdún méjì àti oṣù kan ààbọ̀. Kò tíì darúgbó. 199 jẹ́ òdo, nítorí náà wáyà kọ́ ló ń fa ìjáfara. 187 jẹ́ 3: ìgbà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ti béèrè nǹkan tí háàdì dá a lóhùn pé òun kò rí i kà. 197 àti 198 jẹ́ 24 lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbí, ó yẹ kí èèyàn mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ṣì ń ka sẹ́kítọ̀ ní ìwọ̀n àtijọ́, báìtì 512, nítorí náà sẹ́kítọ̀ òde òní kan tó bá bàjẹ́ sábà máa ń hàn bí 8. Ó ṣeé ṣe kí 24 yìí jẹ́ ibi mẹ́ta péré lórí àwo, ó sì bá 3 tó wà ní 187 mu.

Ó lè jẹ́ iná tó ń lọ, tó ń bọ̀ ló fà á. Ìlà 192, `Power-Off_Retract_Count`, lè ràn án lọ́wọ́ láti mọ̀, torí òun ló ń ka iye ìgbà tí orí ti sáré padà sí ibùsùn rẹ̀ nítorí pé iná gé lójijì. Ó tún lè jẹ́ pé orí ti ń ha àwo. Nọ́ńbà ọjọ́ kan kò lè sọ èwo ni. Àmọ́ ohun tó kàn kò yí padà: kó kó fọ́tò ìgbéyàwó náà kúrò kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kí Windows tún háàdì ṣe pẹ̀lú `chkdsk /r`, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò gígùn. Àwọn méjèèjì máa ń mú orí ka ojú àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bó bá sì jẹ́ pé orí ti ń ha àwo, àyẹ̀wò náà ló máa parí iṣẹ́. Fáìlì tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó, lẹ́yìn náà àwọn yòókù. Bí fáìlì kan bá kọ̀, kí wọ́n fò ó, kí wọ́n kó èyí tó kù. Fún ẹni tó mọ Linux, `ddrescue` ni irinṣẹ́ tó bá iṣẹ́ yìí mu, torí ó máa ń kó ibi tó rọrùn lákọ̀ọ́kọ́, á sì fi ibi tó le sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn.

Ká ní onífọ́tò náà kó gbogbo fáìlì rẹ̀ tán, ó sì ń lo háàdì náà lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì láti wo bó ṣe máa rí. Ó tún kà á:

```
  5 Reallocated_Sector_Ct   100 100 010  16
  9 Power_On_Hours          079 079 000  18718
187 Reported_Uncorrect      089 089 000  11
197 Current_Pending_Sector  100 100 000  40
198 Offline_Uncorrectable   100 100 000  40
199 UDMA_CRC_Error_Count    200 200 000  0
```

Wákàtí 96 péré ló wà láàárín méjèèjì. Ìlà 5 ti kúrò ní òdo, ó dé 16: àwọn ibì kan wà tí háàdì gbìyànjú láti kọ nǹkan sí tí wọn kò gbà á. Ìyẹn ti mú ọ̀rọ̀ iná tó lọ lójijì kúrò nílẹ̀, nítorí sẹ́kítọ̀ tí iná nìkan ṣe máa ń gba nǹkan tuntun wọlé. Láìka àwọn tí wọ́n ti pààrọ̀ sí, 197 tún gun òkè láti 24 sí 40, èyí tó fi hàn pé ibi tuntun ń bàjẹ́ ju èyí tí wọ́n ń yanjú lọ. Síbẹ̀, ẹ wo òpó `VALUE` fún ìlà 5: 100 ló ṣì wà, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 10. Òkè ojú ìwé ṣì ń sọ pé `PASSED`. Háàdì yìí kò yẹ lẹ́ni tó ní fáìlì láti tọ́jú mọ́.

Nígbà tí kò ti sí nǹkan tó ṣeyebíye lórí rẹ̀ mọ́, ó lè wá ṣe àyẹ̀wò gígùn láìbẹ̀rù:

```
smartctl -t long /dev/sda
smartctl -l selftest /dev/sda
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á sì sọ iye ìṣẹ́jú tó máa gbà. Èkejì á fi èsì hàn. `Completed without error` dára. `Completed: read failure` túmọ̀ sí pé ó kàn ibi tí kò ṣeé kà, á sì kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kan náà ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra háàdì tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà gbé dání lọ sọ́jà. Háàdì tó ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún láìsinmi máa ní nǹkan bí wákàtí 43,800 ní ìlà 9, bó ti wù kí ara rẹ̀ mọ́ tó. Ẹni tó ń tà á sì lè ti kọ òdo bo gbogbo ojú àwo kí ó tó kó o wá, èyí tó máa sọ 197 di òdo. Ìlà 5 àti 187 kò ní tẹ̀ lé e padà. Bí 197 bá jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n tí 187 jẹ́ 50, háàdì náà ti ní ìtàn.

Àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sì kọjá àyídáyidà. Ní oṣù kìíní 2025, ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà heise ní Jẹ́mánì tú àṣírí rẹ̀ pé wọ́n ń ta háàdì Seagate Exos tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún wákàtí bíi tuntun. Àwọn kan ti da ìlà 9 padà sí òdo. Ohun tó tú wọn fó ni àkọsílẹ̀ kejì tí Seagate fi pamọ́ sínú háàdì rẹ̀, tó ń jẹ́ FARM, tí wákàtí àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Láti ẹ̀dà 7.4 ni `smartctl` ti lè kà á:

```
smartctl -l farm /dev/sda
```

Bí wákàtí inú rẹ̀ bá jìnnà sí ti ìlà 9, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Háàdì Seagate nìkan ni àṣẹ yìí ń ṣiṣẹ́ fún.

Ó ku ibi tí gbogbo nọ́ńbà yìí kò lè dé. Ojú àwo ni ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣọ́. Bí pátákó iná abẹ́ háàdì bá jóná nítorí iná tó wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí mọ́tò tó ń yí àwo bá dì, òdo ni wọ́n á jẹ́ títí di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Nínú ìwádìí Google, ju ìdajì àwọn háàdì tó kú lọ, 56 nínú 100, ni kò ní ohunkóhun nínú àmì mẹ́rin tó lágbára jù. Nínú ti Backblaze, nǹkan bí 23 nínú 100 ló kú láìṣe ìkìlọ̀. Nọ́ńbà tó ti kúrò ní òdo, tó sì ń gòkè, ṣeé gbà gbọ́. Òdo kò ṣeé fi búra.

Backblaze náà kò fi ti SMART nìkan ṣe. Nínú ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2015, wọ́n ń pín fáìlì kọ̀ọ̀kan sórí háàdì 20, lọ́nà tó jẹ́ pé bí 3 bá kú pọ̀ lọ́jọ́ kan, kò sí ohun tó máa sọnù. Onífọ́tò Ìbàdàn kò nílò 20. Háàdì kejì tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà kan náà, tí kì í sì í wà lórí iná àyàfi nígbà tó bá ń kó fáìlì sí i, máa bo apá tí nọ́ńbà mẹ́rin náà kò lè rí. Kó máa kọ 5, 187, 197 àti 198 sílẹ̀ lóṣooṣù fún méjèèjì, kí ọjọ́ tó kà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.